Owó dúró kí ọjà dé: bí ọjà kékeré orí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣe ń tọ́jú owó òǹrajà

Bí aránṣọ kan ní Kétu bá rí ẹ̀rọ ìránṣọ lórí Wásáàpù, tí ẹni tó ń tà á sì wà ní Àjàṣẹ́, ìbéèrè kan ló máa kọ́kọ́ dojú kọ àwọn méjèèjì: ta ni yóò kọ́kọ́ yọwọ́? Bí òǹrajà bá san owó kí ọjà tó dé, òǹtajà lè pa fóònù rẹ̀, kó sì wábi gbà. Bí òǹtajà bá fi ọjà ránṣẹ́ kí owó tó wọlé, òǹrajà lè gba ọjà tán kó ní òun kò rí nǹkan kan. Nínú ọjà tí a ń ná lójúkojú, ọwọ́ kan ń fún ni, ọwọ́ kejì ń gbà, ọ̀rọ̀ sì parí lójú ẹsẹ̀. Lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀nà jìn láàárín ọwọ́ méjèèjì, inú àlàfo yẹn sì ni jìbìtì ń gbé.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ti mọ ọ̀nà kan, ìyẹn kí a san owó nígbà tí ọjà bá dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ó dára láàárín Kútọnú, níbi tí onízémì lè lọ kó sì bọ̀ láàárín wákàtí kan. Ṣùgbọ́n bí ọjà bá ń lọ sí Kétu tàbí Sábẹ̀ẹ́, òǹtajà ló ru gbogbo ewu. Bí òǹrajà bá yí ọkàn padà, owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ ti wọgbó nìyẹn, owó tí awakọ̀ sì gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn wà nínú àpò rẹ̀ lójú ọ̀nà gbogbo. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ òǹtajà fi ń sọ pé ẹni tó bá wà lókèèrè gbọ́dọ̀ sanwó ṣáájú.

Ọ̀nà kẹta ni a fẹ́ ṣàlàyé lónìí. Òǹrajà yóò san owó ṣáájú lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òǹtajà ni yóò san án fún. Ẹni kẹta ni yóò gba owó náà pamọ́, yóò sọ fún òǹtajà pé owó ti wà nílẹ̀, kò sì ní fún un àfi ìgbà tí ọjà bá dé ọwọ́ ẹni tó rà á. Owó àfipamọ́ ni a óò máa pè é. Ní Ṣáínà, ọ̀nà yìí ló jẹ́ kí àwọn tí kò mọ ara wọn rí lè máa rajà lọ́wọ́ ara wọn lórí Taobao. Ní ọdún 2003 ni wọ́n dá Alipay sílẹ̀ fún iṣẹ́ yẹn gan-an: láti di owó mú títí òǹrajà yóò fi sọ pé ọjà ti dé.

Bí owó ṣe ń rìn

Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀rọ ìránṣọ yẹn ṣe àpẹẹrẹ. Iye rẹ̀ jẹ́ 85 000 sẹ̀fá, owó ọkọ̀ láti Àjàṣẹ́ dé Kétu jẹ́ 3 500. Ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín wọn máa ń gba làádá 3 nínú ọgọ́rùn-ún lórí iye ọjà, ìyẹn 2 550, lọ́wọ́ òǹtajà.

Aránṣọ náà fi owó orí fóònù san 88 500. Owó náà kò lọ sọ́dọ̀ òǹtajà. Ó lọ sínú àkáǹtì àfipamọ́, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ sórí nọ́ńbà ìbéèrè ọjà rẹ̀: «owó ti dé, a dì í mú». Láti ìṣẹ́jú yẹn, òǹtajà rí i lójú fóònù rẹ̀ pé owó wà nílẹ̀, àmọ́ kò lè fọwọ́ kàn án. Ohun tó rí yìí ló fi lè di ẹ̀rọ náà kó sì gbé e fún ọlọ́kọ̀ láìbẹ̀rù. Nígbà tí ọjà bá dé tí aránṣọ sì gbà pé ó dára, owó pín sí mẹ́ta: òǹtajà gba 82 450, ọlọ́kọ̀ gba 3 500, ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì gba làádá rẹ̀, 2 550. Ẹ ro ó pọ̀, 88 500 ló máa jẹ́. Kò gbọdọ̀ sí sẹ̀fá kan tó kù nílẹ̀, kò sì gbọdọ̀ sí ọ̀kan tó wọlé láti ibòmíràn.

Ẹ ṣàkíyèsí pé làádá kò kúrò nínú owó àfipamọ́ kí ọjà tó parí. Ọjà tó bá yọ làádá tirẹ̀ lọ́jọ́ tí owó wọlé ti ná owó tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí ọjà kò bá dé, 88 500 ló ní láti dá padà fún aránṣọ, 85 950 péré ló sì máa bá nílẹ̀.

Ta ló sọ pé ọjà ti dé?

Ibí gan-an ni iṣẹ́ wà. Gbogbo ètò yìí dúró lórí gbólóhùn kan, «ọjà ti dé», a sì gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti sọ ọ́. Bí a bá ní kí òǹtajà sọ ọ́, ó lè sọ ọ́ kí ó tó di ẹrù. Bí a bá ní kí òǹrajà nìkan sọ ọ́, ó lè gba ẹ̀rọ kó máa ránṣọ, kó sì dákẹ́.

Ọ̀nà tó rọrùn jù fún ọjà kékeré ni kóòdù. Lọ́jọ́ tí òǹrajà sanwó, nọ́ńbà oníka mẹ́rin tàbí mẹ́fà wọ fóònù rẹ̀. Òun nìkan ló ní i. Nígbà tí ọlọ́kọ̀ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, òǹrajà wo ọjà, ó ka kóòdù fún un, ọlọ́kọ̀ sì tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù tirẹ̀. Bí kóòdù bá bára mu, a mọ ohun kan dájú: ẹni tó ní kóòdù àti ẹni tó gbé ọjà ti pàdé, lọ́jọ́ báyìí, ní aago báyìí.

Àmọ́ ẹ̀tàn máa ń gba ibẹ̀ wọlé. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni kí ẹni kan pe òǹrajà pé: «Mo ti wà ní ojú títì, ẹ fún mi ní kóòdù kí n lè sọ ẹrù kalẹ̀.» Ẹni tó bá ka kóòdù rẹ̀ lórí fóònù ti fi kọ́kọ́rọ́ àpótí owó lé ẹni tí kò rí lọ́wọ́. Kóòdù kì í ṣe ohun tí a fi ń pe ọjà wá, ohun tí a ń sọ lẹ́yìn tí ọjà bá ti wà níwájú wa ni. Ọjà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń kọ èyí sínú àtẹ̀jíṣẹ́ tó gbé kóòdù wá gan-an, ní èdè tí òǹrajà gbọ́.

Ohun kejì tí ó yẹ ká yà sọ́tọ̀ ni pé «ó dé» kì í ṣe «ó dára». Lẹ́nu ilẹ̀kùn, aránṣọ lè rí i pé ẹ̀rọ ni wọ́n gbé wá, kì í ṣe bíríkì. Kò lè mọ̀ bóyá yóò rán aṣọ tó nípọn láìjá òwú. Nítorí náà, fún ọjà tó ń lo iná tàbí tó ní ẹ̀rọ nínú, kóòdù kò gbọdọ̀ tú owó sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó kàn ń bẹ̀rẹ̀ àsìkò ìdánwò ni, bíi wákàtí 48. Láàárín àsìkò yẹn òǹrajà lè tẹ «ó dára», owó á sì lọ. Ó sì lè tẹ «ìṣòro wà», owó á dúró. Fún aṣọ, bàtà tàbí ìwé, tí a lè fi ojú wò tán, kóòdù nìkan tó.

Bí òǹrajà bá dákẹ́ ńkọ́?

Ìdákẹ́jẹ́ ni ohun tó ń da ọjà kékeré rú jù lọ, ju jìbìtì gan-an lọ. Èèyàn kì í sábà bínú kọ̀wé, ńṣe ni wọ́n máa ń gbàgbé. Aránṣọ náà ti gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sílé, ó ti ń ránṣọ ọdún, kò sì rántí tẹ ohunkóhun mọ́. Kí ni ká ṣe sí owó náà?

Bí a bá sọ pé ìdákẹ́jẹ́ túmọ̀ sí pé owó padà sọ́dọ̀ òǹrajà, a ti kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń gba ọjà lọ́fẹ̀ẹ́. Bí a bá sọ pé ìdákẹ́jẹ́ túmọ̀ sí pé owó lọ sọ́dọ̀ òǹtajà, òǹtajà burúkú á kàn jókòó ka ọjọ́ láìfi nǹkan kan ránṣẹ́. Ìdáhùn méjèèjì ló burú bí a bá lò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tó tọ́ ni kí ìdákẹ́jẹ́ ní ìtumọ̀ méjì, kí kóòdù sì jẹ́ ààlà láàárín wọn.

Kí kóòdù tó wọlé, òǹtajà ló ní ohun tó kù láti ṣe. Bí ọjọ́ tí a dá fún un bá pé, ká sọ pé ọjọ́ 7, tí ọjà kò sì dé, owó padà sọ́dọ̀ òǹrajà láìjẹ́ pé ó bẹ ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn tí kóòdù bá wọlé, òǹrajà ló kù kó sọ̀rọ̀. Bí wákàtí 48 bá kọjá tí kò sọ nǹkan kan, owó lọ sọ́dọ̀ òǹtajà. Báyìí, ẹni tó bá dákẹ́ nígbà tó yẹ kó ṣiṣẹ́ ni ìdákẹ́jẹ́ máa ń pa lára.

Àṣìṣe tí a máa ń rí ni kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ láti ìgbà tí owó wọlé. Òǹrajà sanwó lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ètò sọ pé «lẹ́yìn ọjọ́ 5 owó á lọ». Òjò bàjẹ́ ọ̀nà, ọkọ̀ dúró, ẹ̀rọ kò dé títí di ọjọ́ Sátidé. Òǹtajà ti gba owó rẹ̀ kí aránṣọ tó rí ẹrù. Ẹ ka ọjọ́ láti ìgbà tí ọjà dé, ẹ má kà á láti ìgbà tí owó dé.

Bí ìjà bá ṣẹ́lẹ̀

Ká sọ pé ẹ̀rọ náà dé, kóòdù wọlé, ṣùgbọ́n pẹ́dà tí a ń fẹsẹ̀ tẹ̀ kò sí nínú páálí. Aránṣọ tẹ «ìṣòro wà». Láti ìgbà yẹn, aago dúró, owó kò lè lọ síwájú, kò sì lè padà sẹ́yìn. Ohun tí alákòóso ọjà máa béèrè kò pọ̀: fọ́tò ohun tó wà nínú páálí, fọ́tò tí òǹtajà yà kí ó tó di ẹrù, àti ohun tí òǹtajà kọ nígbà tó pàtẹ ọjà náà. Ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló máa ń dá ẹjọ́. Bí wọ́n bá kọ «pẹ̀lú pẹ́dà», òǹtajà ló jẹ̀bi. Bí wọn ò bá kọ ọ́, ọ̀rọ̀ di ìdúnàádúrà.

Ọ̀pọ̀ ìjà kì í parí sí kí ọjà padà, nítorí owó ọkọ̀ á jẹ gbogbo rẹ̀. Àwọn méjèèjì lè gbà kí wọ́n dín 15 000 kù, kí aránṣọ fi ra pẹ́dà ní Kétu. Iye ọjà wá di 70 000, làádá 3 nínú ọgọ́rùn-ún di 2 100. Òǹtajà gba 67 900, ọlọ́kọ̀ gba 3 500 rẹ̀ pé, nítorí òun ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, 15 000 padà sí fóònù aránṣọ, 2 100 lọ sọ́dọ̀ ọjà. 88 500 náà ni. Ètò tí kò bá lè pín owó báyìí, tó jẹ́ «gbogbo rẹ̀ síhìn-ín» tàbí «gbogbo rẹ̀ sọ́hùn-ún» ló mọ̀, máa ń sọ ìjà kékeré di ńlá.

Ibo ni owó ń sùn?

Èyí ni ìbéèrè tí àwọn òǹrajà kì í béèrè, òun ló sì yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè. Gbogbo wa la mọ alájọ tó gba owó àwọn ará ọjà, tó ní òun kàn yá díẹ̀ lò, tí òpin oṣù sì dé tí kò rí i san. Kì í ṣe gbogbo wọn ló jẹ́ olè. Owó tó ń wọlé lójoojúmọ́ ló máa ń bo ihò tó wà nílẹ̀ mọ́lẹ̀. Ohun kan náà lè ṣẹlẹ̀ sí ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń gba owó sínú àpò MoMo kan ṣoṣo tí alákòóso tún fi ń ra dátà, tó sì fi ń san owó ilé.

Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ ọ́n rọrùn. Ní gbogbo alẹ́, kí alákòóso ro gbogbo ìbéèrè ọjà tí a ṣì di owó wọn mú pọ̀, kó sì fi wé ohun tó wà nínú àkáǹtì. Ká ní ìbéèrè márùn-ún ló wà: 88 500, 12 000, 34 500, 7 000 àti 58 000. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 200 000. Bí àkáǹtì bá sọ pé 171 000, 29 000 ti sọnù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí òǹrajà kankan tó tíì ké. Wọn kò ní ké títí di ọjọ́ tí ìbéèrè márààrún bá dé lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà míì kì í ṣe ẹnikẹ́ni ló jí i. Owó tí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù ń gbà nígbà tí a bá ń fi owó ránṣẹ́ lè máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, bí alákòóso kò bá san án láti inú làádá tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àròpọ̀ fi gbọ́dọ̀ wáyé lójoojúmọ́, kì í ṣe lópin oṣù.

Ó tún ní ohun tí òfin sọ. Ní ọjọ́ 23 oṣù kìíní ọdún 2024, BCEAO, báńkì àgbà fún orílẹ̀-èdè mẹ́jọ tó ń ná sẹ̀fá wa, gbé ìlànà jáde lórí iṣẹ́ owó sísan. Ẹni tó bá fẹ́ máa ṣe irú iṣẹ́ yẹn fún aráàlú gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda. Ìlànà tó ti wà láti 2015 lórí owó orí fóònù sì pàṣẹ pé kí àwọn tó ń ṣe é tọ́jú owó àwọn oníbàárà sí ọ̀tọ̀ ní báńkì, kí ó má bàa dà pọ̀ mọ́ ti ilé iṣẹ́. Nítorí náà, ọjà kékeré tí ọ̀dọ́ mẹ́ta dá sílẹ̀ kò yẹ kó máa di owó mú fúnra rẹ̀. Ohun tó bọ́gbọ́n mu ni kó bá ilé iṣẹ́ tó ní ìyọ̀ǹda ṣe àdéhùn, kí ilé iṣẹ́ yẹn gba owó, kó dì í mú, kí ọjà kàn máa fún un ní àṣẹ pé «tú u sílẹ̀» tàbí «dá a padà».

Ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Òǹtajà ló ń san iye kan tí a kì í kà. Ẹni tó ní ẹ̀rọ mẹ́ta péré lọ́jà, tí owó ìkínní sì wà ní àfipamọ́ fún ọjọ́ 4, kò lè ra òmíràn fi dípò. Bí a bá fa àsìkò ìdánwò gùn láti mú inú òǹrajà dùn, àwọn òǹtajà kékeré ni yóò kọ́kọ́ sá. Ìyẹn ló fi yẹ kí àsìkò yàtọ̀ láti ọjà sí ọjà. Tòmátì tàbí ẹja tútù kò lè dúró wákàtí 48, kí òǹrajà wò ó lẹ́nu ilẹ̀kùn, kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ọjà 1 500 sẹ̀fá náà kò sì yẹ fún gbogbo wàhálà yìí.

Owó àfipamọ́ kò lè gbà yín lọ́wọ́ àbùkù tó bá yọjú lẹ́yìn oṣù méjì. Kò sì lè gbà yín lọ́wọ́ ẹni kẹta èké. Àwọn gbájúẹ̀ ti mọ ọ̀rọ̀ náà sọ báyìí: òǹtajà fúnra rẹ̀ ni yóò mú «alárinà» wá, tí yóò fún yín ní nọ́ńbà kan pé ibẹ̀ ni kí ẹ fi owó pamọ́ sí. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo orúkọ tó jáde lójú fóònù. Bí ó bá jẹ́ orúkọ èèyàn kan lásán, tí kì í ṣe ti ilé iṣẹ́, ẹ má tẹ kóòdù ìkọ̀kọ̀ yín. Ẹ̀yin òǹtajà náà, àtẹ̀jíṣẹ́ tó sọ pé «owó ti wà ní àfipamọ́» kò tó láti di ẹrù, ẹnikẹ́ni lè kọ irú rẹ̀. Ẹ wọlé sí ojú ìwé ọjà náà fúnra yín, kí ẹ wo nọ́ńbà ìbéèrè náà. Tí ó bá sì jẹ́ pé wọ́n ní owó ti dé àpò yín, ẹ tẹ *880# bí ẹ bá wà lórí MTN, kí ẹ wo iye tó wà níbẹ̀ gan-an.

Ní kúkúrú, ìbéèrè mẹ́rin ni kí ẹ bi ọjà èyíkéyìí tó bá ní òun ń tọ́jú owó. Orúkọ ta ni àkáǹtì tí owó wà nínú rẹ̀ ń jẹ́? Kí ló ń tú owó sílẹ̀: kóòdù ni, àbí ọ̀rọ̀ ẹnu òǹtajà? Bí mo bá dákẹ́, níbo ni owó ń lọ, láti ìgbà wo ni ẹ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà? Bí a bá jà, ṣé ẹ lè pín owó náà? Ọjà tó bá lè dá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lóhùn láìkálòlò, ẹ lè fi 88 500 yín síbẹ̀. Èyí tó bá ní «ẹ má dààmú, a ti mọ ohun tí à ń ṣe», ẹ jẹ́ kó lọ tọ́jú owó ẹlòmíràn.